Ìpíndọ́gba Tó Ga Ju Ṣóńṣó Lọ

Bí Ìyá Àmì bá gbójú sókè tó rí ìràwọ̀ lójú ọ̀run, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló tẹ àwọn àmì yìí láìlo rúlà?" Kì í ṣe pé ó ń bá Ẹlẹ́dàá jà o. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ló ti fi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá, fèrèsé mẹ́fà, àti fáànù kan ṣoṣo lókè àjà tó máa ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá rán níṣẹ́. Bí a bá kó gbogbo àmì tó ti fi bírò búlúù tẹ̀ sórí ṣáàtì ibà láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ jọ, wọ́n á pọ̀ ju irun orí gbogbo dókítà tó ti bá ṣiṣẹ́ lọ. Ká má tilẹ̀ parọ́, púpọ̀ nínú àwọn dókítà náà ti pá lórí, òun gan-an ló sì sọ wọ́n dapárí.

Ẹni tí kò bá tíì rí ṣáàtì ibà rí, ìwé fífẹ̀ kan ni, tó kún fún àpótí wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n ẹja. Ní ọwọ́ òsì, nọ́ńbà ń gùn lọ sókè bí àkàbà: 35 wà nísàlẹ̀, 41 wà lókè téńté. Lókè ìwé náà, wákàtí ló tò lọ: agogo méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá, tọ̀sán tòru. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rin, nọ́ọ̀sì á ki tẹmómítà bọ abẹ́ apá aláìsàn, á ka ohun tó bá sọ, á sì tẹ àmì kékeré kan síbi tí wákàtí àti ìgbóná ti pàdé. Á wá fi rúlà fa ìlà láti àmì tó ṣáájú dé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, àmì mẹ́fà. Kò lé, kò dín.

Lójú tiwa, àmì lásán ni. Lójú Ìyá Àmì, ilẹ̀ ọba ni. Àmì tí kò bá dúró gẹ́lẹ́ sórí ìlà wákàtí rẹ̀, á ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wá sọ ibi tí àmì náà ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣe àmì tó tóbi díẹ̀ nígbà kan, ìyá náà bi í bóyá ìgbóná aláìsàn ló ń kọ ni àbí ó ń ya bọ́ọ̀lù. Ìjọ tó ń lọ pàápàá, wọ́n ní bí olórí ẹgbẹ́ akọrin bá ka nọ́ńbà orin, ó máa ń béèrè pé, "Aago mélòó ni wọ́n wọ̀n ọ́n?"

Dókítà wọn kì í gbé ibẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìkan ló ń fojú kàn wọ́n. Ọjọ́ yòókù, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìrìn wákàtí méjì ló wà, inú fóònù ni wọ́n sì ti ń rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó gbọ́n, ó sì níwà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń yára bí ẹni tí ẹlòmíràn ń fà ní ṣòkòtò. Wọ́n ń pè é ní Dókítà Inú Fóònù. Bí wọ́n bá ti tẹ àmì agogo mẹ́wàá àárọ̀ tán, wọ́n á ya fọ́tò ṣáàtì aláìsàn tó bá le díẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè méjì ni yóò bi wọ́n, méjì náà ni lójoojúmọ́: kí ni ìpíndọ́gba? Kí ni ṣóńṣó?

Ìpíndọ́gba ni pé kí a ro gbogbo ìgbóná ọjọ́ kan pọ̀, kí a pín in sí iye ìgbà tí a wọ̀n ọ́n. Ṣóńṣó ni èyí tó ga jù lọ nínú wọn. Ìyá Àmì ní àlàyé tirẹ̀ tó máa ń ṣe fún nọ́ọ̀sì tuntun bí ẹni tó ń ka kátíkísìmù.

"Ìpíndọ́gba," ni yóò wí, "àgbádá ni. Ó lè bo ikùn mọ́lẹ̀. Ara lè ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, kó wá dákẹ́ nígbà márùn-ún. Bí o bá pín in, á dà bí ẹni pé kò ké rárá. Torí náà la ṣe ń wá ṣóńṣó. Ṣóńṣó ni ibi tí ara ti figbe ta."

Bí ìyá náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá mú Ọjọ́bọ̀ kan tí ara káfíńtà gbóná ju iná lọ.

Káfíńtà náà wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Irin ìgbẹ́gi ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsọ̀, tó gún ojúgun rẹ̀. Rárá, ó lè máà jẹ́ irin ìgbẹ́gi, torí òun fúnra rẹ̀ ti tún ìtàn náà sọ lẹ́ẹ̀mẹrin, irinṣẹ́ ń tóbi sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kù díẹ̀ kó jẹ́ pé igi ìrókò ló wó lù ú. Ohun tó dájú ni pé ọgbẹ́ náà ṣọyún, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fọ ọyún náà dànù, wọ́n wá dá a padà sọ́dọ̀ Ìyá Àmì kó máa gba abẹ́rẹ́. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ibà rẹ̀ ti wálẹ̀ láti ọjọ́ méjì.

Dókítà Inú Fóònù ti là á yé gbogbo wọn ní àná: bí wákàtí mẹ́rìnlélógún bá kọjá tí ìgbóná kankan kò dé 38, tí ojú ọgbẹ́ sì gbẹ, kó máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n bí ibà bá tún yọjú, á jẹ́ pé ọyún ṣì fara pamọ́ sínú ẹsẹ̀ níbì kan. Áńbúláǹsì á wá gbé e, wọ́n á tún ẹsẹ̀ náà là.

"Tún un là!" Káfíńtà ti sọ ọ́ tó ìgbà ogún. "Pákó ni mí ni? Ẹni tó bá là á lẹ́ẹ̀kejì, kó kúkú kan ìlẹ̀kùn sí i, kí wọ́n yéé dààmú."

Ìyàwó rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí, ti di ẹrù wọn láti agogo méje àárọ̀. Ó ti ká aṣọ, ó ti di búrọ́ọ̀ṣì, ó ti mú bàtà ọkọ rẹ̀ méjèèjì síta bí ẹni pé òun fẹ́ kí bàtà máa lọ ṣáájú. Ọsàn nìkan ló kù lórí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí ọkọ rẹ̀ ń mu lọ́kọ̀ọ̀kan tó ń kó èèpo rẹ̀ jọ síbẹ̀ bí òkìtì.

Ní agogo mẹ́wàá, Ìyá Àmì fúnra rẹ̀ ló wọn ìgbóná. 37.2. Ó tẹ àmì, ó fa ìlà, ó fi ṣáàtì lélẹ̀ lórí tábìlì ọsàn náà, ó sì lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń di egbò láti lọ bá ìyá àgbà kan wẹ ẹsẹ̀. Kó tó lọ, ó pe nọ́ọ̀sì kejì.

Nọ́ọ̀sì kejì yìí, ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ nìyẹn. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ̀rù Ìyá Àmì sì ń bà á débi pé bí ìyá náà bá sín, òun á ní, "Mo ti gbọ́, mà."

"Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ya ṣáàtì yìí, fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ìpíndọ́gba àti ṣóńṣó. Láti agogo méjì ọ̀sán àná dé ìsinsìnyí."

"Ó ti parí, mà," ni Aṣẹ̀ṣẹ̀dé wí, nígbà tí kò tíì fọwọ́ kan fóònù.

Ó yà á. Ó fi ránṣẹ́. Ó mú ṣáàtì padà sínú fáìlì, ó jókòó sídìí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì ń ka àmì nínú fọ́tò lórí fóònù. Ó tẹ gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ ìṣírò, ó pín in, ó kọ èsì, ó tún fi ìyẹn ránṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà mí.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù wọ́ọ̀dù fi dún. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé tẹ ẹ́ kó lè pariwo síta, torí ọwọ́ Ìyá Àmì tó ń bọ̀ láti yàrá egbò ṣì tutù fún omi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti rí fọ́tò yẹn. Áńbúláǹsì á wà lọ́dọ̀ yín ní agogo méjì. Ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́ o, a máa ṣiṣẹ́ abẹ lónìí."

"Ta ni?" Ìyá Àmì béèrè.

"Káfíńtà, mà."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà. Ó yí gbirigbiri gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta kọjá. Ìyàwó rẹ̀ dìde, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Dókítà, kí ló ṣẹlẹ̀? Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. 37.2 ni."

"Ìyẹn ti agogo mẹ́wàá, mà. Kí wá ni ti 40 tó wà ṣáájú rẹ̀? Mo rí i kedere. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ ránṣẹ́: ṣóńṣó 40.0. Ẹ tún wá kọ ìpíndọ́gba 43.9! Mo kàn rò pé ọwọ́ ló yọ̀ níbi ìyẹn. Ṣùgbọ́n 40 tí mo fojú ara mi rí, mi ò lè fi ṣeré."

Gbogbo wọ́ọ̀dù kọjú sí fóònù. Fáànù pàápàá dà bí ẹni pé ó dúró kó lè gbọ́ dáadáa.

"Ogójì ó lé mẹ́ta," ni Káfíńtà wí lórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ìyá ilé wa, wá fọwọ́ kàn mí. Ṣé mò ń hó ni?"

"Ẹ ò hó," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níwájú orí ọkọ rẹ̀. "Ẹ tutù bí ìdí ìkòkò omi."

"Àwọn tó ti kú náà máa ń tutù."

"Ẹ panu mọ́ jàre!" Obìnrin náà gbá a lápá. Ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú.

Ìyá Àmì kò wo ẹnì kankan. Ó nawọ́ gba fóònù. "Dókítà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Màmá, áńbúláǹsì ti fẹ́ gbéra."

"Kó gbéra. Ọ̀nà jìn. Ẹ fún mi ní mẹ́wàá."

Ó wá kọjú sí Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ọmọbìnrin náà sì rọ́ wọlé sínú ara rẹ̀ bí ìgbín. A rò pé ilẹ̀ máa gbóná. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá náà rọ̀ débi pé ó tún dẹ́rù bani ju ariwo lọ.

"Ọmọ mi, èwo ló ga jù nínú àwọn ìgbóná tí o rò pọ̀?"

"40, mà."

"Kí lo ní ìpíndọ́gba jẹ́?"

"43.9, mà."

"Bí ènìyàn mẹ́fà bá dúró, tí ẹni tó ga jù nínú wọn kò kọjá ìlẹ̀kùn yìí, ṣé a lè pín gíga wọn dọ́gba kó wá gba òrùlé jáde?"

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé gbójú sókè wo òrùlé.

"Ìpíndọ́gba máa ń wà láàárín èyí tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Kì í jáde kúrò ní ọgbà yẹn. Bó bá jáde, ẹni tó ṣí géètì fún un ló wà níbí. Mú ẹ̀rọ ìṣírò. Mélòó lo rò pọ̀?"

"Gbogbo àmì tó wà níbẹ̀ ni, mà."

"Mélòó?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka kà lórí fọ́tò. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà..." Ó dúró. "Méje, mà."

"O wá pín in sí mélòó?"

"Mẹ́fà, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé mẹ́fà ni lójúmọ́. Kò lé, kò dín."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì tipátipá. "Wọ́n ti fi mí kún ara mi!"

Ìyá Àmì kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó ti rí àṣìṣe kan, ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ pé àṣìṣe yẹn kọ́ ló ń pe áńbúláǹsì. Bí a bá tilẹ̀ pín méje sí méje, 37.6 ni yóò jẹ́, ìpíndọ́gba tó wuyì bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ṣùgbọ́n 40 yẹn ṣì wà lórí fọ́tò, ó jókòó pa. Bó bá jẹ́ òótọ́, tí ó wá fi ìfẹ́ inú rán Káfíńtà lọ sílé, ẹsẹ̀ náà lè pa á. Bó bá jẹ́ irọ́, wọ́n á la ẹsẹ̀ tó ti ń jinná. Kò sí àyè fún àánú níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ló ń wá.

"Mú ṣáàtì fúnra rẹ̀ wá."

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé sáré gbé fáìlì dé. Ìyá Àmì tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó wọ awò rẹ̀, ó tún fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹ̀gún, lé e. Agogo méjì ọ̀sán, 37.4. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, 37.6. Agogo mẹ́wàá, 37.2. Agogo méjì òru, 36.8. Agogo mẹ́fà àárọ̀, 37.0. Agogo mẹ́wàá, 37.2. Ìlà búlúù gba inú wọn lọ jẹ́jẹ́ bí ọ̀nà oko. Ní 40, kò sí nǹkan. Ìwé funfun báláú.

Ó wo fọ́tò. Àmì dúdú kan wà ní 40, láàárín agogo mẹ́fà àti mẹ́wàá àárọ̀.

Ó wo ìwé. Kò sí.

"Ẹ gbà mí," ni Aṣẹ̀ṣẹ̀dé sọ lábẹ́ mímí. "Iwin ni."

"Iwin kì í lo ṣáàtì," ni Ìyá Àmì dáhùn.

Ó pe dókítà padà. Ó sọ ohun tó rí. Dókítà Inú Fóònù wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ó wà nínú fọ́tò, kò sí lórí ìwé mọ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ti pa á rẹ́? Gbogbo yín lẹ fẹ́ kí Káfíńtà lọ sílé. Èmi náà fẹ́."

Wọ́n ti bú Ìyá Àmì rí. Wọ́n ti pè é ní agídí, wọ́n ti pè é ní rúlà tó wọ bùbá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ó pa àmì rẹ́? Ó jókòó. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé ti dì mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Dókítà," ni ó sọ, "ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi mí gan-an nìyẹn. Bí ẹ ò bá bi mí, mi ò ní fọkàn tán yín. Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ṣé ẹ rí i pé àmì yẹn kò sí lórí ìlà wákàtí kankan? Láàárín méjì ló wà, bí ẹni pé agogo mẹ́jọ ni."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ba nọ́ọ̀sì, ó lè wọ̀n ọ́n láìtíì tó àkókò. A máa ń ṣe é."

"Òótọ́ ni. Ìlà ńkọ́? Ìlà láti 37.0 sí 37.2 lọ tààrà. Kò gòkè lọ bá 40."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti fa ìlà sí i."

"Lọ́dọ̀ tèmi?"

Dókítà náà húkọ́. "Mo fà á sẹ́yìn, mà."

"Ó dáa. Ìwé oògùn rẹ̀ nìyí níwájú mi. Oògùn ibà kankan kò wọ ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Kí ló wá fà á láti 40 wá sí 37.2 láàárín wákàtí méjì, láìgba oògùn, láìlàágùn? Káfíńtà, kí lò ń ṣe ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ yìí?"

"Mò ń jẹun mà, mo sì ń bá bẹ́ẹ̀dì karùn-ún jiyàn. Mo borí."

"Kò borí," ni bẹ́ẹ̀dì karùn-ún wí.

"Màmá, gbogbo ẹ ló bọ́gbọ́n mu," ni dókítà dáhùn. "Ṣùgbọ́n kí wá ni àmì yẹn? Ohun tí mo rí, mo rí i. Bí ẹ bá sọ ohun tó jẹ́ fún mi, màá fún dérẹ́bà láṣẹ kó padà."

Ìbéèrè tòótọ́ nìyẹn. Ìyá Àmì wo fóònù wọ́ọ̀dù náà. Ó mọ̀ pé fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ máa ń fún lójú ọ̀nà bí aṣọ tí a fi omi gbígbóná fọ̀. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ dókítà kò mọ́ tó èyí tí fóònù fúnra rẹ̀ yà. Ó gbé ojúlówó fọ́tò náà jáde. Ó fi ìka méjì nà án. Ó tún nà án. Àwọn àpótí wẹ́wẹ́ ń tóbi bí yàrá. Àmì búlúù tó tẹ̀ ní agogo mẹ́wàá dé, ó rí roboto, ó ń tàn díẹ̀. Ó tì í lọ sókè, sí 40.

Àmì dúdú náà gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó tún nà án.

"Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, wá wò ó. Kí lo rí?"

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ síwájú. Ó fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóònù. "Màmá... ó ní ẹsẹ̀."

"Mélòó?"

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta..." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́fà, mà! Kò lé, kò dín! Ó tún ní ìyẹ́!"

Ìyá Àmì yíjú sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Lórí òkìtì èèpo ọsàn, kantíkantí bíi mẹ́wàá ń fò wọ́n ń bà, bí ẹni pé ilé wọn ni. Ọ̀kan nínú wọn gbéra lójú gbogbo ènìyàn, ó sì lọ bà sórí páálí fáìlì. Ó jókòó pa. Ó rí gẹ́lẹ́ bí àmì bírò.

"Ẹ̀yin ni," ni ìyàwó Káfíńtà kígbe sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin àti ọsàn yín! Ẹ̀ bá ti fi ọsàn la ẹsẹ̀ ara yín!"

"Ìwọ lo rà á!"

Ìyá Àmì fi ojúlówó fọ́tò náà ránṣẹ́ bí fáìlì, kó má bàa fún lọ́nà. Ó tún gé ibi tí kantíkantí wà, ó fi ìyẹn tẹ̀ lé e. Wọ́n dúró. Gbogbo wọ́ọ̀dù dúró. Bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ti jókòó dìde, òun tó ti ní ẹ̀yìn kò jẹ́ kí òun lè jókòó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde nínú fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni, irú èyí tó máa ń mú ènìyàn sunkún. Ẹ̀rín ọkùnrin tó ti ń ronú bóyá òun ti fẹ́ rán ẹnì kan lọ sílé kú.

"Màmá! Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ nítorí kantíkantí!"

"Kantíkantí tó ní ibà 40," ni Ìyá Àmì wí. "Aláìsàn gidi ni. Ẹ fi áńbúláǹsì gbé e."

"Ìpíndọ́gba tòótọ́ ńkọ́, mà?"

Ìyá Àmì fi fóònù lé Aṣẹ̀ṣẹ̀dé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà gbé ẹ̀rọ ìṣírò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìwé ló ń wò, kì í ṣe fọ́tò. Ó pè wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "37.4, 37.6, 37.2, 36.8, 37.0, 37.2. Mẹ́fà ni wọ́n. Àpapọ̀ wọn, 223.2. Mo pín in sí mẹ́fà. 37.2, dókítà." Ó dúró, ó wò ó. "Èyí tó kéré jù 36.8, èyí tó ga jù 37.6. Ó wà nínú ọgbà."

"Ṣóńṣó?"

"37.6. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná."

"Kò dé 38. Ojú ọgbẹ́?"

"Ó gbẹ," ni Ìyá Àmì dáhùn. "Èmi ni mo dì í ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá a sílẹ̀. Ó ku wákàtí mẹ́ta kí agogo méjì lù. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i."

Káfíńtà kò mu ọsàn mọ́ láàárín wákàtí mẹ́ta náà. Ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo èèpo dànù, ó nu tábìlì lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó tún gbé bàtà ọkọ rẹ̀ wọlé, ó gbé e síta, ó gbé e wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo lù, gbogbo ẹni tó lè rìn ní wọ́ọ̀dù ti yí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ká. Àwọn tí kò lè rìn na ọrùn wọn. Ìyá Àmì ki tẹmómítà bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó sì di apá náà mú bí ẹni tó mú olè.

"Ẹ má mí," ni bẹ́ẹ̀dì karùn-ún wí.

"Kó mí," ni Ìyá Àmì wí.

Tẹmómítà ké pín-ín. Ìyá náà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wò ó pẹ́, a fura pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"37.1."

Ariwo tó sọ, ẹni tó bá ń kọjá lọ ní ìgboro á rò pé wọ́n bí ìbejì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó Káfíńtà gbá Aṣẹ̀ṣẹ̀dé mọ́ra, ó gbá Ìyá Àmì mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá òpó bẹ́ẹ̀dì mọ́ra. Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì díẹ̀. Nígbà tó ṣí ojú, ó kàn sọ pé, "Ẹ bá mi mú bàtà wá."

Áńbúláǹsì dé lóòótọ́, torí fóònù dérẹ́bà ti kú lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kó má padà lófo. Òun ló gbé Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, Káfíńtà jókòó níwájú bí olóyè, ó ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́ọ̀dù rọlẹ̀, Aṣẹ̀ṣẹ̀dé wá dúró níwájú tábìlì. "Màmá, ẹ bá mi wí. Ẹ ò tíì bá mi wí."

Ìyá Àmì ń pọ́n bírò rẹ̀ lára aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bírò kì í gba pípọ́n. "Ká ní o pín in sí méje, 37.6 ni ì bá jẹ́. Á dùn lójú, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohunkóhun. Dókítà á ṣì rí 40, àwa náà á sì gbà á gbọ́. 43.9 rẹ ló jẹ́ kí ara fu mí. Àṣìṣe rẹ kejì ló tú àkọ́kọ́ fó." Ó gbójú sókè. "Má ṣe tún un ṣe o."

"Mi ò ní tún un ṣe, mà."

"Kí o sì máa fẹ́ ìwé kí o tó ya fọ́tò."

Láti ọjọ́ náà, bí o bá dé wọ́ọ̀dù yẹn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, wàá rí nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n tẹ̀ba sórí ìwé kan, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i fùù, fùù, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Àlejò á rò pé àdúrà ni.

Lẹ́yìn oṣù kan, Káfíńtà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì rìn wọlé. Ó gbé pátákó kan lábẹ́ apá, tó fá tó dán bí dígí, tó fi ike mímọ́ gaara bò lójú kí ṣáàtì lè máa wọ abẹ́ rẹ̀ láìsí pé ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kankan lè bà lé e. Lórí rẹ̀, ó fi irin gbígbóná sun àmì dúdú mẹ́fà tò lọ, ọ̀kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Àmì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì dúpẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé pátákó náà dé iwájú ojú, ó di ojú kan, ó sì fa rúlà yọ lápò.

"Ẹ̀kẹrin yìí," ni ó wí, "ó yẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún."